Ìwé-àṣẹ dígítà àti kọ́kọ́rọ́ ọjà Windows

Ìwé-àṣẹ dígítà àti kọ́kọ́rọ́ ọjà ni ọ̀nà méjì tí ilé-iṣẹ́ Microsoft ń gbà mọ̀ pé kọ̀ǹpútà kan ní ẹ̀tọ́ láti lo ètò Windows. Kọ́kọ́rọ́ ọjà jẹ́ àkójọ lẹ́tà àti nọ́ńbà 25, tí wọ́n pín sí ìsọ̀rí márùn-ún, tí ẹni tó ni Windows lè tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ìwé-àṣẹ dígítà ní tirẹ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń tẹ̀. Ó jẹ́ àkọsílẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ Microsoft, tó so ẹ̀tọ́ náà mọ́ kọ̀ǹpútà kan pàtó. Ìgbésẹ̀ tí kọ̀ǹpútà fi ń bá Microsoft sọ̀rọ̀ láti fìdí ẹ̀tọ́ yìí múlẹ̀ ni à ń pè ní *ìmúṣiṣẹ́*.

Ní Súrùlérè, Yábà, Muṣin àti àwọn àdúgbò mìíràn ní Èkó, láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń lò. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀nà méjèèjì yìí ló ń pinnu bóyá ẹni tó fọ́máàtì irú láptọ́ọ̀pù bẹ́ẹ̀, tàbí tó pààrọ̀ ẹ̀yà ara rẹ̀, yóò tún san owó Windows lẹ́ẹ̀kejì.

## Ìtàn ní ṣókí

Windows XP, tó jáde ní ọdún 2001, ni Windows àkọ́kọ́ tó sọ ìmúṣiṣẹ́ di dandan fún àwọn aláràlò lásán. Ní ìgbà náà àti títí di ìgbà Windows 7, orí sítíkà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí láptọ́ọ̀pù ni kọ́kọ́rọ́ ọjà máa ń wà. Bí sítíkà náà bá parẹ́, kọ́kọ́rọ́ náà sọnù nìyẹn.

Nígbà tí Windows 8 jáde ní ọdún 2012, àwọn tó ń ṣe láptọ́ọ̀pù bẹ̀rẹ̀ sí í kọ kọ́kọ́rọ́ náà sínú ṣíìpù báyọ́ọ̀sì tó wà lórí mọ́dábọ́ọ̀dù. Ojú kò lè rí i, ṣùgbọ́n Windows lè kà á fúnra rẹ̀. Windows 10 ló mú ìwé-àṣẹ dígítà wá ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 2015. Ní ọdún 2016, Microsoft fi àǹfààní kan kún un: ẹni tó ni kọ̀ǹpútà lè so ìwé-àṣẹ náà mọ́ àkáǹtì Microsoft rẹ̀. Windows 11 náà ń gba ẹ̀tọ́ tí kọ̀ǹpútà ti ní láti inú Windows 10.

## Bí Microsoft ṣe ń dá kọ̀ǹpútà mọ̀

Nígbà ìmúṣiṣẹ́, Windows máa ń wo àwọn ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà, yóò ṣe ìṣírò lórí àmì ìdánimọ̀ wọn, yóò sì fi èsì ìṣírò náà ránṣẹ́ sí sáfà Microsoft. Èsì yìí ni sáfà ń fi pa mọ́ gẹ́gẹ́ bí ojú tí a fi mọ kọ̀ǹpútà náà. Nínú gbogbo ẹ̀yà tí Windows ń wò, mọ́dábọ́ọ̀dù ló wúwo jù.

Ìwé mọ́tò lè mú ọ̀rọ̀ yìí yéni. Ẹni tó pààrọ̀ táyà tàbí bátìrì mọ́tò rẹ̀ ní ọjà Ládípọ̀ ní Muṣin kò ní ohun tí yóò ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti nọ́ńbà ṣásí tó wà nínú ìwé rẹ̀ kò yí padà. Bí ó bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, ìwé àti mọ́tò kò bára mu mọ́. Háàdì dísìkì, ráàmù, kíbọ́ọ̀dù, bátìrì àti ojú láptọ́ọ̀pù dà bí táyà: a lè pààrọ̀ wọn kí ìmúṣiṣẹ́ má sì bàjẹ́. Mọ́dábọ́ọ̀dù ló dà bí ẹ́ńjìnnì.

Ìdí nìyí tí fífọ́máàtì kì í fi í gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Orí dísìkì ni fọ́máàtì ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀tọ́ náà kò sì sí lórí dísìkì. Ó wà nínú báyọ́ọ̀sì, tàbí lórí sáfà Microsoft, tàbí ní ibi méjèèjì.

## Bí a ṣe lè mọ ohun tí láptọ́ọ̀pù ní

Kí ènìyàn tó fọ́máàtì, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wo ohun mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni bóyá kọ́kọ́rọ́ wà nínú báyọ́ọ̀sì. A ó ṣí PowerShell, a ó sì tẹ àṣẹ yìí:

```
(Get-CimInstance SoftwareLicensingService).OA3xOriginalProductKey
```

Bí kọ́kọ́rọ́ oní-lẹ́tà 25 bá jáde, ó dára kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ohunkóhun kò bá jáde, kò sí kọ́kọ́rọ́ nínú báyọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ìwé-àṣẹ dígítà ṣì lè wà lórí sáfà.

Èkejì ni irú ẹ̀tọ́ tí Windows tó wà níbẹ̀ ń lò, ẹ̀kẹta sì ni bóyá ẹ̀tọ́ náà ní ọjọ́ ìparí. Àṣẹ méjì yìí ń fi wọ́n hàn:

```
slmgr /dli
slmgr /xpr
```

Nínú èsì ti àkọ́kọ́, `OEM_DM` túmọ̀ sí pé ẹ̀tọ́ náà bá láptọ́ọ̀pù jáde láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, `RETAIL` sì ni Windows tí a rà lọ́tọ̀ tàbí èyí tí ìwé-àṣẹ dígítà mú ṣiṣẹ́. `VOLUME_KMSCLIENT` ni ẹ̀tọ́ àwọn iléeṣẹ́ ńlá. Àṣẹ kejì yóò sọ pé `The machine is permanently activated` bí ẹ̀tọ́ náà kò bá ní ìparí. Bí ó bá dárúkọ ọjọ́ kan, ẹ̀tọ́ náà máa parí ní ọjọ́ yẹn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wà nínú èsì tó kẹ́yìn yìí. Ẹ̀tọ́ `VOLUME_KMSCLIENT` gbọ́dọ̀ kàn sí sáfà iléeṣẹ́ tó ni ín, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín 180 ọjọ́. Láptọ́ọ̀pù tó ti kúrò ní ọ́fíìsì kan ní òkè òkun tó sì wà ní Yábà báyìí kò lè rí sáfà yẹn mọ́. Àwọn kan máa ń fi ètò ayédèrú tó ń ṣe bí ẹni pé òun ni sáfà sínú kọ̀ǹpútà kí Windows lè dà bí èyí tó ní ẹ̀tọ́. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kò bófin mu, ó sì máa ń ní kí a pa ètò ààbò kọ̀ǹpútà kí ó tó lè wọlé. Bí láptọ́ọ̀pù tí ènìyàn kan rà fúnra rẹ̀ bá fi `VOLUME_KMSCLIENT` hàn, kò yẹ kí ó gbà pé ẹ̀tọ́ tòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí láptọ́ọ̀pù kan náà ní kọ́kọ́rọ́ tòótọ́ nínú báyọ́ọ̀sì rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lò.

## Àpẹẹrẹ kan: dísìkì tuntun

Ká sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yábà ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí wọ́n ti lò ní ọ́fíìsì. `slmgr /dli` fi `VOLUME_KMSCLIENT` hàn, ṣùgbọ́n àṣẹ PowerShell mú kọ́kọ́rọ́ Windows 10 Pro jáde láti inú báyọ́ọ̀sì. Dísìkì àtijọ́ ti ń lọ́ra, ó sì fẹ́ fi tuntun sí i.

Lẹ́yìn tí dísìkì tuntun bá ti wọlé, yóò fi Windows láti ojúlé Microsoft sórí fláàṣì, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sínú kọ̀ǹpútà. Lọ́pọ̀ ìgbà, Windows yóò rí kọ́kọ́rọ́ inú báyọ́ọ̀sì, kò sì ní béèrè ohunkóhun. Bí ó bá béèrè, akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò yan `I don't have a product key`, lẹ́yìn náà yóò yan `Windows 10 Pro`. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá kàn sí íńtánẹ́ẹ̀tì, ìmúṣiṣẹ́ yóò wáyé fúnra rẹ̀. Kò sí owó tí ó yẹ kí ó san fún ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀.

Ibi tí àṣìṣe ti sábà máa ń wọlé ni yíyan ẹ̀dà. Ẹ̀tọ́ Pro kì í mú Home ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀tọ́ Home kì í mú Pro ṣiṣẹ́. Ẹni tó ní ẹ̀tọ́ Pro ṣùgbọ́n tó ṣèèṣì fi Home sí i lè lọ sí `Change product key`, kí ó tẹ kọ́kọ́rọ́ tó kọ sílẹ̀, Windows yóò sì di Pro. Ẹni tó ní ẹ̀tọ́ Home tó sì fi Pro sí i ní láti tún un fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ orí sítíkà Windows 7 kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́ nínú èyí. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni Microsoft ti kéde pé òun kò gba kọ́kọ́rọ́ Windows 7 àti 8 fún ìmúṣiṣẹ́ tuntun ti Windows 10 tàbí 11. Kọ̀ǹpútà tó ti gba ìwé-àṣẹ dígítà ṣáájú ìgbà náà kò pàdánù rẹ̀.

## Nígbà tí mọ́dábọ́ọ̀dù bá yí padà

Ká sọ pé iná tó ṣàdédé lágbára jù jó mọ́dábọ́ọ̀dù láptọ́ọ̀pù yìí, tí oníṣẹ́ kan sì fi èyí tí wọ́n yọ lára láptọ́ọ̀pù mìíràn rọ́pò rẹ̀. Dísìkì kò yí padà, àwọn fáìlì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Windows yóò sọ pé òun kò ní ẹ̀tọ́ mọ́, nọ́ńbà àṣìṣe `0xC004F211` yóò sì hàn. Ohun tí nọ́ńbà yìí ń sọ ni pé ara kọ̀ǹpútà ti yí padà. Kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú báyọ́ọ̀sì àtijọ́ ti bá bọ́ọ̀dù àtijọ́ lọ.

Bí ìwé-àṣẹ dígítà bá ti wà lórí àkáǹtì Microsoft kí bọ́ọ̀dù tó jó, ọ̀nà kan wà. Ní ojú ewé `Activation`, ẹni náà yóò tẹ `Troubleshoot`, yóò yan `I changed hardware on this device recently`, yóò wọlé pẹ̀lú àkáǹtì náà, yóò sì yan orúkọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ nínú àwọn tó hàn. Ẹ̀dà Windows gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Iye ìgbà tí a lè ṣe èyí ní òǹkà.

Síbẹ̀, irú ẹ̀tọ́ náà ló ń pinnu ibi tó lè dé. Ẹ̀tọ́ tí a rà lọ́tọ̀ ṣeé gbé láti kọ̀ǹpútà kan lọ sí òmíràn, bí a bá ti yọ ọ́ kúrò lórí ti àkọ́kọ́. Ẹ̀tọ́ `OEM_DM` wà fún láptọ́ọ̀pù tó bá jáde nìkan, bí mọ́dábọ́ọ̀dù rẹ̀ bá sì yí padà, Microsoft lè kọ̀ ọ́. Ibi tí wọ́n ti ń yọ̀ǹda rẹ̀ ni ìgbà tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe láptọ́ọ̀pù bá fi bọ́ọ̀dù mìíràn rọ́pò èyí tó bàjẹ́.

Bọ́ọ̀dù tòkunbọ̀ náà sì lè gbé kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ wá. Bí kọ́kọ́rọ́ inú rẹ̀ bá jẹ́ ti Home, ìgbà míràn tí wọ́n bá fọ́máàtì, Home ni Windows yóò fi síbẹ̀ láìbéèrè. Ẹni tó ni ín lè rò pé oníṣẹ́ ló yí i padà, bẹ́ẹ̀ báyọ́ọ̀sì tuntun ni Windows kà.

## Ohun tó yẹ ní ṣíṣe ṣáájú àtúnṣe

Ojú ewé `Activation` ló ń sọ bóyá a ti so ìwé-àṣẹ mọ́ àkáǹtì. Bí ó bá kọ `Windows is activated with a digital license linked to your Microsoft account`, a ti so ó. Bí kò bá sí `linked` nínú rẹ̀, a ó wọlé pẹ̀lú àkáǹtì Microsoft lórí kọ̀ǹpútà náà, gbólóhùn náà yóò sì yí padà. Ìgbà tí mọ́dábọ́ọ̀dù ṣì ń ṣiṣẹ́ nìkan ni èyí ṣeé ṣe, nítorí pé bọ́ọ̀dù tó ti kú kò lè jẹ́rìí fún ara rẹ̀ lọ́dọ̀ sáfà.