Owó Tó Lọ Lẹ́ẹ̀mejì

Nẹ́tíwọ̀kì ló sábà máa ń fà á. O fi ₦20,000 ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ, fóònù kò dáhùn, o tún un fi ránṣẹ́, àṣé ti àkọ́kọ́ ti lọ. Kọ́kọ́ wo àkọsílẹ̀ àkáǹtì rẹ. Bí ọ̀kan bá ṣì wà ní “Pending”, ó lè padà fúnra rẹ̀, nítorí náà ní sùúrù di ọjọ́ kejì. Bí méjèèjì bá ti lọ, kọ ọ́ báyìí:

“Ọ̀rẹ́ mi, báwo ni ilé? Owó aṣọ ẹbí tí mo fi ránṣẹ́ láàárọ̀ lọ lẹ́ẹ̀mejì, ní aago 9:14 àti 9:17. Àṣìṣe tèmi ni. Jọ̀wọ́, bá mi wo àkáǹtì rẹ. Bí méjèèjì bá ti wọlé, dá ₦20,000 kan padà sí àkáǹtì tó ti wá. Rìsíìtì méjèèjì nìyí. O ṣeun.”

Má yọ aago yẹn kúrò. Iye owó náà dọ́gba, aago ni yóò fi mọ̀ pé méjì ni. “Bí méjèèjì bá ti wọlé” náà ṣe kókó, torí kò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Bó bá sì ti ná an láìmọ̀, ẹ jọ fi ọjọ́ sí i.