Òjìji Inú Ọ̀dẹ̀dẹ̀: Bí Fíìmù Kúkúrú Ṣe Ń Dá Ẹ̀rù Sílẹ̀ Láìnáwó

Ní ọdún 2013, David F. Sandberg, olùdarí eré ọmọ ilẹ̀ Súwídìn, ya fíìmù kan tí kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta nínú ilé tí òun àti ìyàwó rẹ̀, Lotta Losten, ń gbé. Lights Out ni orúkọ rẹ̀. Owó tí ó ná wọn kò tó nǹkan.

Obìnrin kan fẹ́ lọ sùn. Ó pa iná ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì rí òjìji ènìyàn nínú òkùnkùn níwájú. Ó tan iná, kò sí ẹnikẹ́ni. Ó tún pa á, òjìji náà tún yọ. Láìsí ẹni tí ó sọ̀rọ̀, òǹwòran ti kọ́ òfin kan: òkùnkùn ni ó ń gbé nǹkan náà wá. Láti ìgbà náà, súìṣì lásán ti di ohun ẹ̀rù. Nígbà tí òjìji náà déédéé sún mọ́ tòsí, tí obìnrin náà fi téèpù lẹ súìṣì kí iná má baà kú, òǹwòran mọ ewu tí ó wà níbẹ̀. Ohun tí a fi pamọ́ fún un ni irú ẹ̀dá tí nǹkan náà jẹ́ àti ohun tí ó ń wá. Ká ní a fi òfin náà pàápàá pamọ́ ni, ojú òǹwòran ìbá kàn dàrú. Kò ní bẹ̀rù.

Lórí ibùsùn, férémù dín ohun tí a lè rí kù. Obìnrin náà ń wo ẹnu ọ̀nà. Ìró ẹsẹ̀ ń bọ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kámẹ́rà kò fi hàn, lẹ́yìn náà iná ibẹ̀ kú. Ìró ẹsẹ̀ kò béèrè aṣọ eré tàbí àtíkè.

Níbí gan-an ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bàjẹ́. Makirofóònù orí kámẹ́rà jìnnà sí ilẹ̀, ariwo yàrá ni ó sì ń gbà ju ìró ẹsẹ̀ lọ. Ó sàn kí a gba ìró ẹsẹ̀ náà lọ́tọ̀, kí makirofóònù súnmọ́ ilẹ̀. Kí gbogbo ènìyàn tún dákẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30, kí a gba ohùn yàrá òfìfo, kí a sì tẹ́ ẹ sábẹ́ gbogbo ìran náà. Bí kò bá sí i, ohùn yóò máa já ní ibi gbogbo tí a ti gé àwòrán, òǹwòran yóò sì rántí pé fíìmù ni òun ń wò. Ìdánwò rẹ̀ rọrùn: kọ ẹ̀yìn sí àwòrán, kí o tẹ́tí. Bí o kò bá lè mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ náà ń súnmọ́ tàbí ó ń jìnnà, a kò tíì parí iṣẹ́ ohùn.

Ní ìparí, ẹ̀dá náà fi ojú hàn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó sì pa àtùpà. (Ojú náà, ká sòótọ́, kò bani lẹ́rù tó ìró ẹsẹ̀.) Nígbà tí Sandberg sọ ọ́ di fíìmù gígùn ní ọdún 2016, ẹ̀dá náà gba orúkọ, Diana, ó sì gba ìtàn ìgbésí ayé. Ọ̀pọ̀ ohun tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àkọ́kọ́ fi pamọ́ ni ìtàn náà ṣàlàyé.