Jẹun Yó, Má Gbé Kúlà Wá: Ohun Tó Wà Nínú Àdéhùn Ààyè Wẹ́ẹ̀bù

Ká fi obìnrin kan tó ń ta aṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn oníbàárà rẹ̀ wà ní Èkó, wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì wá fẹ́ ṣí ìsọ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n lè máa rí ọjà kí wọ́n tó pè. Ó rí ilé-iṣẹ́ méjì tó ń yá ènìyàn ní ààyè lórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí kì í sùn, tó ń gbé wẹ́ẹ̀bùsáìtì síta fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Èkíní ní òun yóò fún un ní gígábáìtì 5 láti kó ẹrù sí, àti bándíwíìdì gígábáìtì 10 lóṣù. Èkejì kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gàdàgbà: Unlimited. Owó wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra.

Èwo ni kó mú?

Kó tó dáhùn, ó ní láti mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ibi ìkẹ́rùsí, ọ̀tọ̀ ni bándíwíìdì. Ibi ìkẹ́rùsí ni fífẹ̀ yàrá tí ọjà wà. Bándíwíìdì ni àpapọ̀ ẹrù tó gba ẹnu ọ̀nà jáde láàárín oṣù kan. Àwòrán aṣọ kan lè wà lójú kan lórí sáfà láìkúrò, àmọ́ gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá ṣí i lórí fóònù rẹ̀ ni sáfà tún fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́. Bí 1,000 ènìyàn bá wò ó, ó jáde lẹ́ẹ̀mejì lọ́nà 500 nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ojú ewé tí obìnrin yìí pàtẹ ọjà sí ní àwòrán 40, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ kílóbáìtì 300. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mẹ́gábáìtì 12. Bí 100 ènìyàn bá ṣí ojú ewé náà lójúmọ́, mẹ́gábáìtì 1,200 ló jáde, èyí tó lé díẹ̀ ní gígábáìtì kan. Gígábáìtì 10 tó rà yóò tán lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù. Lẹ́yìn ìyẹn, ilé-iṣẹ́ mìíràn á ti wẹ́ẹ̀bùsáìtì náà pa títí oṣù yóò fi yí, ẹni tó bá wá a á sì rí “509 Bandwidth Limit Exceeded”. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ò ní tì í, owó àlékún ni yóò máa kà sí i lọ́rùn lórí gígábáìtì kọ̀ọ̀kan. Abẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní “overage” nínú àdéhùn ni èyí máa ń wà.

Tó bá fún àwòrán wọ̀nyẹn pọ̀ kó tó gbé wọn sókè, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wá di kílóbáìtì 60, ojú ewé náà di mẹ́gábáìtì 2.4. Èrò kan náà yóò wá kó gígábáìtì 7.2 jáde lóṣù, ìyókù á sì tó fún àwọn ẹ̀rọ Google àti irú wọn, tó ń wo wẹ́ẹ̀bùsáìtì kiri kí wọ́n lè fi hàn nínú àwárí. Àwọn náà wà nínú èrò tí wọ́n ń kà.

Ká wá bọ́ sórí Unlimited. Ẹni tó bá lọ sí òde ìgbéyàwó mọ̀ pé olóde kì í ka ẹran fún àlejò: jẹ, kó o yó. Àmọ́ ẹni tó bá gbé kúlà wá láti fi bu oúnjẹ lọ sílé, wọn yóò bá a sọ̀rọ̀. Bí ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ṣe ń rò ó nìyẹn. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ wẹ́ẹ̀bùsáìtì sórí sáfà kan ṣoṣo, wọ́n sì mọ̀ pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kéré, èrò wọn ò sì pọ̀. Ohun tí àwọn yẹn ò lò ni wọ́n ń gbójú lé. Kò sí dísíìkì tí kì í kún. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nínú ìwé tí wọ́n ń pè ní “Acceptable Use Policy”, ẹ ó sábà rí i pé ààyè náà wà fún wẹ́ẹ̀bùsáìtì nìkan: ẹ ò gbọdọ̀ sọ ọ́ di àká fún fíìmù tàbí ẹ̀dà ìpamọ́ kọ̀ǹpútà yín, wọ́n sì lè ti ẹni tó bá ń ni àwọn aládùúgbò rẹ̀ lára lórí sáfà pa.

Inú ìwé kan náà ni ààlà tí kò fara hàn níta máa ń wà. Èkíní ni iye fáìlì, tí wọ́n ń pè ní ínóòdù. Sáfà máa ń forúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kékeré ni o, ńlá ni o, ọ̀kan ni wọ́n kà á. Ká sọ pé àdéhùn Unlimited náà fàyè gba 200,000. Àwòrán 2,000 tí obìnrin yìí gbé sókè kò ní jẹ́ 2,000 mọ́, nítorí pé WordPress máa ń gé àwòrán kọ̀ọ̀kan sí oríṣiríṣi ìwọ̀n. Bí àfikún ìtajà bá tún wà níbẹ̀, ọ̀kan lè di bíi mẹ́wàá. 20,000 nìyẹn. Lórí ọ̀pọ̀ sáfà, ímeèlì kọ̀ọ̀kan náà jẹ́ fáìlì kan. Bí ènìyàn 5 bá ń lo ímeèlì ìsọ̀ náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ti kó 30,000 jọ láàárín ọdún mẹ́ta, 150,000 ti lọ. WordPress fúnra rẹ̀ àti àwọn àfikún rẹ̀ yóò jẹ ìyókù. Bí ìwọ̀n ímeèlì kan bá jẹ́ kílóbáìtì 50, tí ti àwòrán jẹ́ 60, gbogbo ẹrù yìí ò tíì pé gígábáìtì 10, síbẹ̀ ààyè tí wọ́n ní kò lópin ti kún.

Ẹni tó bá kan ibi yìí yóò rí i pé ímeèlì ò wọlé mọ́, àwòrán ò gòkè, bẹ́ẹ̀ ààyè ṣì wà. Nínú cPanel, “File Usage” ló máa fi iye náà hàn. Níbi tí wọ́n bá ti fàyè gba Terminal, àṣẹ yìí yóò kà wọ́n:

```
find ~ | wc -l
```

Ààlà kejì ni iye ènìyàn tí sáfà lè dá lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n ń kọ ní “Entry Processes”. Ká ní 20 ni. Obìnrin yìí kéde ẹ̀dínwó lórí WhatsApp lọ́jọ́ Sátidé, 100 ènìyàn sì tẹ̀ ẹ́ pa pọ̀. Bí ojú ewé kan bá ń gba ìṣẹ́jú-àáyá 2 kó tó jáde, 20 àkọ́kọ́ gba gbogbo ààyè, àwọn kan lẹ́yìn wọn á sì rí “508 Resource Limit Is Reached”. Èyí yàtọ̀ sí 509: bí èrò bá ti dínkù, 508 á lọ fúnra rẹ̀. Káàṣì, tó máa ń tọ́jú ojú ewé tí wọ́n ti sè tán sílẹ̀, ló ń dín in kù.

Kó tó sanwó, ìbéèrè mẹ́ta ni kó kọ ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kejì: fáìlì mélòó ni mo lè ní, Entry Processes mélòó ni, ṣé ẹ ó kìlọ̀ fún mi kẹ́ ẹ tó tì í àbí ẹ ó kàn tì í? Bí èsì bá dé pẹ̀lú nọ́ńbà, ó lè fi wọ́n wéra. Bí kò bá sí nọ́ńbà kankan níbẹ̀, kó bá èkíní lọ, kó sì máa pa ímeèlì àtijọ́ rẹ́ kí gígábáìtì 5 lè gbà á. Ó kéré tán, ó mọ ohun tí yóò mú kí gígábáìtì 10 tán lọ́jọ́ kẹsàn-án.