Láti Ọ̀fà sí Èkó: Owó ilé nìkan kọ́ ni yóò bọ́ lápò oníṣòwò

Oníṣòwò tó ń gbé nínú ilé ẹbí l'Ọ̀fà lè má mọ̀ bí owó ilé ṣe ń jẹ owó ọjà, àfi ìgbà tó bá fẹ́ kó lọ sí Èkó. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé yóò béèrè iye owó ilé lọ́dún, yóò kó iye yẹn jọ, yóò sì gbéra. Ìgbà tó bá dé ọ̀hún ni yóò tó rí i pé owó tí wọ́n sọ fún un kò tíì tó gba kọ́kọ́rọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo aránṣọ kan tó ní mílíọ̀nù méjì náírà lọ́wọ́. Àpẹẹrẹ lásán ni iye owó tá a fẹ́ lò yìí. Kí kálukú fi iye tí wọ́n bá sọ fún un ládùúgbò tó ń lọ rọ́pò rẹ̀. Yàrá kan àti pálọ̀ tó rí jẹ́ 600,000 náírà lọ́dún. Ejẹ́ǹtì sábà máa ń gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 60,000. Owó agirimẹ́ǹtì náà sábà máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, 60,000 mìíràn. Onílé tún lè gba owó ìdúró, tí wọ́n ń pè ní kọ́ṣọ̀n, ká ní 50,000. Ó ti di 770,000. Bí ṣọ́ọ̀bù bá jẹ́ 300,000, tí ejẹ́ǹtì àti agirimẹ́ǹtì sì kó 60,000 lé e, 360,000 nìyẹn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,130,000, bẹ́ẹ̀ 900,000 péré ni owó ilé àti ti ṣọ́ọ̀bù.

Kọ́ṣọ̀n nìkan ló yẹ kó padà bí ayálégbé bá ń kó jáde tí kò sì ba nǹkan jẹ́. Nítorí náà, kó tó san án, kí wọ́n kọ ọ́ sínú agirimẹ́ǹtì pé yóò gbà á padà, kó sì ya fọ́tò ògiri, ilẹ̀kùn àti fèrèsé lọ́jọ́ tó gba kọ́kọ́rọ́.

Ó ku 870,000. Ilé tí wọ́n máa ń fúnni sábà máa ń ṣófo: kò sí fáànù, gílóòbù tàbí kọ́tìnnì. Ká ní 250,000 ni mátíréèsì, fáànù, sítóòfù àti ohun èlò ìdáná yóò gbà. 120,000 fún ọkọ̀ tí yóò kó maṣíìnì ìránṣọ. 200,000 fún iná, tábìlì, àgádágodo àti pátákó ṣọ́ọ̀bù. Pátákó náà ní owó tirẹ̀ tí àjọ LASAA ń gbà l'Ékòó. Ohun tó ṣẹ́ kù jẹ́ 300,000, òun náà ni owó oúnjẹ, òun náà ni owó òwú. Bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù onígi kò tọ́ sí kíkó láti Ọ̀fà bí owó ọkọ̀ bá ti fẹ́ tó iye tí wọ́n ń ta òmíràn.

Kó tó sanwó, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn ayálégbé tó wà nínú ọgbà bóyá gbèsè iná wà lórí míítà. Kó tún béèrè ẹni tó ni ilé. Ejẹ́ǹtì tí kò fẹ́ kí èèyàn rí onílé, tó fẹ́ kówó lọ́jọ́ náà, tó sì ń kọ rísíìtì lórúkọ ara rẹ̀, lè ti gba owó yàrá kan náà lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta.

Òfin ilé gbígbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2011 sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ayálégbé náà kò sì gbọdọ̀ san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin ọ̀hún kan ṣọ́ọ̀bù náà, ó sì ní kí onílé fúnni ní rísíìtì tó sọ iye owó àti àsìkò tó wà fún. Ṣùgbọ́n ó yọ Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀. Bí onílé bá ní ọdún méjì lòun ń gbà, 1,800,000 ni aránṣọ yìí yóò fi sílẹ̀ kó tó kan ejẹ́ǹtì; owó ọjà ti parí nìyẹn.

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kó gba ṣọ́ọ̀bù ṣáájú, kó sì bá ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ gbé fún oṣù mẹ́fà, bó bá rí ẹni gbà á. 770,000 tí ilé ìbá gbé yóò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì ti mọ àdúgbò tí àwọn oníbàárà rẹ̀ wà.

Ìṣirò kan ṣì kù. Owó ilé àti ti ṣọ́ọ̀bù fún ọdún tó ń bọ̀ jẹ́ 900,000, ìyẹn 75,000 lóṣooṣù láti oṣù kìíní. Bí èrè ṣọ́ọ̀bù kò bá lè mú iye yìí wá lẹ́yìn oúnjẹ àti owó iná, ilé náà ti wọ́n jù fún un, kódà bó bá ní owó ọdún kìíní lọ́wọ́.