Ọ̀nà Ṣófo, Síbẹ̀ Ẹrù Ń Dànù

Bí àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ilé iṣẹ́ bá ń pariwo pé ẹ̀rọ àwọn ń dúró gbagidi kí iye owó tuntun tó yọ lójú rẹ̀, ibi tí onímọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń kọ́kọ́ lọ wò ni súwíìṣì tí gbogbo détà ń gbà jáde. Ohun tó ń rí níbẹ̀ lè dà á lọ́kàn rú:

```
Total output drops: 9138422
5 minute output rate 12140000 bits/sec
```

Ìlà kejì ń sọ pé láti ìṣẹ́jú 5 sẹ́yìn, ohun tó ń gba ọ̀nà náà kọjá tó mílíọ̀nù 12 bíìtì ní sẹ́kọ́ǹdù kan. Bílíọ̀nù kan ni ọ̀nà yẹn sì lè gbé. Nínú ọgọ́rùn-ún, díẹ̀ ló fi lé ní ìdá kan tí wọ́n ń lò. Ìlà àkọ́kọ́ ní tirẹ̀ ń sọ pé pákẹ́ẹ̀tì tó lé ní mílíọ̀nù 9 ni súwíìṣì ti dà nù nítorí pé kò ráyè tò wọ́n sí. Ẹni tó bá wo ìlà kejì nìkan yóò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì dá ṣáṣá. Ẹni tó bá wo ti àkọ́kọ́ yóò fẹ́ ra ọ̀nà tuntun. Òótọ́ sì ni ìlà méjèèjì ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká gbé e ka orí àpẹẹrẹ kan, ká sì ṣírò rẹ̀ délẹ̀. Ká ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣẹ́ owó ilẹ̀ òkèèrè ní sáfà kan ní olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ l'Ékòó, ó sì ní ẹ̀ka 100 káàkiri. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́kọ́ǹdù kọ̀ọ̀kan, sáfà náà ń fi iye owó ránṣẹ́ sí gbogbo ẹ̀ka. Ti ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kò ju pákẹ́ẹ̀tì 10 lọ, pákẹ́ẹ̀tì kan sì jẹ́ nǹkan bí 1,500 báìtì. Bí a bá pa ti ẹ̀ka 100 pọ̀, ó jẹ́ pákẹ́ẹ̀tì 1,000, ìyẹn mẹ́gábáìtì kan ààbọ̀. Bíìtì mílíọ̀nù 12 nìyẹn, bí ìlà kejì ṣe wí gẹ́lẹ́.

Ohun tí ìlà náà kò sọ ni bí sáfà ṣe ń tú ẹrù yìí jáde. Wáyà tó so sáfà mọ́ súwíìṣì ń gbé gígábíìtì 10 ní sẹ́kọ́ǹdù kan, ọ̀nà tó ti súwíìṣì jáde lọ sí àwọn ẹ̀ka kò sì gbé ju gígábíìtì 1 lọ. Sáfà kò mọ̀ pé ọ̀nà tó tẹ́ẹ́rẹ́ wà níwájú. Wáyà tirẹ̀ nìkan ló mọ̀. Nínú Línúksì òde òní, kì í tilẹ̀ ṣe kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń gé ọ̀rọ̀ sí pákẹ́ẹ̀tì. Ó ń gbé gbogbo 15,000 báìtì ti ẹ̀ka kan fún káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì lódidi, káàdì yóò wá gé e sí mẹ́wàá, yóò sì fọ́n wọn jáde tẹ̀léra wọn láìmí. Bó bá ti parí ti ẹ̀ka kan, ti ẹ̀ka kejì ti dé. Báyìí ni gbogbo pákẹ́ẹ̀tì 1,000 ṣe ń parí láàárín mílísẹ́kọ́ǹdù 1.2, ìyẹn kékeré sí ẹyọ kan nínú ìdá 800 sẹ́kọ́ǹdù. Láti ìgbà náà títí di ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́kọ́ǹdù tó tẹ̀ lé e, sáfà kò rán ohunkóhun. Ìrọ́jáde ojú ẹsẹ̀ yìí ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní máíkróbọ́ọ̀sì.

Láàárín mílísẹ́kọ́ǹdù 1.2 náà, ìdá kan nínú mẹ́wàá ẹrù ni ọ̀nà àbájáde lè gbé, ìyẹn 150,000 báìtì. Èyí tó kù, tó jẹ́ 1,350,000 báìtì, ní láti dúró ní ìlà lórí ìrántí kékeré tó wà nínú súwíìṣì, tí wọ́n ń pè ní bọ́fà. Ó dà bí ẹni tó da garawa epo sínú ìgò láti inú àrọ: ìgò lè ṣófo pátá, ṣùgbọ́n bí àrọ bá ti kún, ilẹ̀ ni epo ń lọ. Ká ní bọ́fà tí pọ́ọ̀tì yẹn lè lò jẹ́ 500,000 báìtì. Nínú máíkrósẹ́kọ́ǹdù kan, 1,250 báìtì ń wọlé, 125 ń jáde. Èyí tó ń ṣẹ́kù sínú bọ́fà jẹ́ 1,125. Bọ́fà yóò kún láàárín máíkrósẹ́kọ́ǹdù 444. Látìgbà náà lọ, bí pákẹ́ẹ̀tì 10 bá dé, ẹyọ kan ni yóò ráyè, mẹ́sàn-án yóò dànù.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dùn jù lójú tèmi. Nígbà tí bọ́fà fi kún, sáfà ti rán ti ẹ̀ka 37 tán. Bó bá jẹ́ pé orúkọ àwọn ẹ̀ka wà nínú àkọsílẹ̀ kan, tí sáfà sì ń tẹ̀ lé e láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ̀ka 37 àkọ́kọ́ kò ní pàdánù nǹkankan, ẹ̀ka 63 tó kù yóò sì pàdánù nǹkan bí pákẹ́ẹ̀tì 567 láàárín ara wọn. Ẹ̀ka kan náà ni yóò máa ráhùn lójoojúmọ́. Ọ̀gá ẹ̀ka tó wà nísàlẹ̀ àkọsílẹ̀ yóò máa pe olú ilé iṣẹ́ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yẹ wáyà wa wò,” wọn yóò pààrọ̀ wáyà, wọn yóò pààrọ̀ ẹ̀rọ, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ yóò sì máa fi lélẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé àwọn tó ń ráhùn wà lápá ìsàlẹ̀ àkọsílẹ̀ kan, ẹ má wulẹ̀ wọ mọ́tò lọ sí ẹ̀ka kankan.

Pákẹ́ẹ̀tì tó dànù kì í sọnù títí láé o. TCP, òfin ìránṣẹ́ tí sáfà ń lò, yóò tún un rán. Wàhálà ibẹ̀ ni bó ṣe ń mọ̀ pé nǹkan sọnù. Bí pákẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín bá sọnù, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ yóò mú kí ẹni tó ń gbà á ké sí sáfà kíákíá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ìrù ọ̀rọ̀ ló gé kúrò, kò sí èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn tí yóò ké. Nígbà bẹ́ẹ̀, sáfà lè ní láti dúró títí àkókò ìdúró rẹ̀ yóò fi pé, àkókò yẹn kì í sì í kéré sí mílísẹ́kọ́ǹdù 200 nínú Línúksì bí wọ́n ṣe ń gbé e jáde. Ohun tó yẹ kó dé ní mílísẹ́kọ́ǹdù díẹ̀ yóò wá pẹ́ débi tí ojú ènìyàn fi rí i. Lẹ́yìn náà ni TCP yóò dín iye tó ń rán lẹ́ẹ̀kan kù fún àwọn tó pàdánù, dídànù yóò rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bó bá sì ti tún gbé iye náà sókè, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òǹkà orí súwíìṣì fi ń fò, tó ń dúró, tó tún ń fò.

Báwo la ṣe wá ń mú un? Àkọ́kọ́, ẹ má fi ọ̀kan pe èkejì. Bí wáyà bá bàjẹ́, òǹkà àṣìṣe ni yóò máa gòkè, irú èyí tí súwíìṣì ń kọ CRC sí. Bí ìlà bá kún, “output drops” ni yóò máa gòkè, tí CRC yóò sì wà ní òdo. Ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ pé àwọn súwíìṣì kan wà tó jẹ́ pé báìtì ni wọ́n ń kà sí òǹkà yìí, kì í ṣe pákẹ́ẹ̀tì. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó lọgun.

Èkejì, àwòrán ìṣẹ́jú 5 kò lè fi í hàn láé. Kódà bí ẹ bá ní kí súwíìṣì máa ṣírò ní sẹ́kọ́ǹdù 30, tàbí ní ẹyọ sẹ́kọ́ǹdù kan, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àti díẹ̀ náà ni yóò máa kọ, nítorí pé sáfà ń sinmi fún èyí tó pọ̀ jù nínú sẹ́kọ́ǹdù náà. Àfi kí ẹ gba pákẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, kí ẹ sì là á sí mílísẹ́kọ́ǹdù kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ẹ ti gbà á ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá gbà á ní òdìkejì ọ̀nà àbájáde, ẹ kò ní rí ìrọ́jáde, torí ohun tó bá ti gba ọ̀nà tóóró kọjá kò lè sáré ju ọ̀nà náà lọ mọ́. Orí sáfà ló yẹ kí ẹ ti gbà á:

```
tcpdump -i eth0 -s 96 -w iye.pcap
```

Bí ẹ bá ṣí fáìlì yìí nínú Wireshark, tí ẹ sì fi ìpín àwòrán sí 1 ms, òpó gíga kan yóò dìde ní ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́kọ́ǹdù kọ̀ọ̀kan, ibi tó kù yóò sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí pákẹ́ẹ̀tì kan níbẹ̀ bá tó báìtì 14,600 láìka orí rẹ̀. Kí káàdì tó gé e ni ẹ ti gbà á.

Ní ti àtúnṣe, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sáré lọ sí ọjà. Èmi ò bá wọn lọ, ó kéré tán kì í ṣe lákọ̀ọ́kọ́. Ẹni tó kọ ètò tó wà lórí sáfà ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ké sí. Bó bá fi mílísẹ́kọ́ǹdù 10 sáàárín ẹ̀ka kan àti èkejì, ẹ̀ka 100 yóò gba sẹ́kọ́ǹdù kan, ohun tó wà nínú bọ́fà kò sì ní tó 15,000 báìtì nígbà kankan. Bí àwọn ọ̀gá bá ní dandan ni kí iye owó dé ibi gbogbo pa pọ̀, kó fọ́n wọn ká sáàárín mílísẹ́kọ́ǹdù 20. Iye tí yóò máa jáde nígbà náà jẹ́ mẹ́gábíìtì 600 ní sẹ́kọ́ǹdù kan. Ọ̀nà gbà á, kò sì sójú ẹ̀dá tó lè mọ ìyàtọ̀.

Bí kò bá sí ẹni tó lè fọwọ́ kan ètò náà mọ́, a lè ní kí Línúksì fúnra rẹ̀ kó sáfà níjàánu:

```
tc qdisc replace dev eth0 root tbf rate 900mbit burst 128kb limit 4mb
```

Ìlà kò parẹ́. Inú sáfà, tí ìrántí ti pọ̀ rẹpẹtẹ, ló kó lọ. Mẹ́gábáìtì kan ààbọ̀ yóò jáde tán láàárín mílísẹ́kọ́ǹdù 13 tàbí 14, ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀ àkọsílẹ̀ kò sì ní dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àléébù rẹ̀ ni pé ìjánu yìí kò mọ ẹni tí ẹrù ń lọ bá. Bí sáfà náà bá ń ṣe ẹ̀dà détà sí ẹ̀rọ mìíràn nínú yàrá kan náà láti inú wáyà yẹn, ìyẹn náà yóò di 900 mẹ́gábíìtì. A sì ń rí àwọn tó ń lo `fq` pẹ̀lú `maxrate`, tí wọ́n rò pé iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Rárá o. Ìbánisọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ìyẹn ń dín kù lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ka 100 tí kálukú wọn ń rán ìwọ̀nba díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni ìṣòro tiwa.

Ọwọ́ súwíìṣì ló kù. Lórí àwọn Catalyst kan, àṣẹ `qos queue-softmax-multiplier 1200` ń jẹ́ kí pọ́ọ̀tì kan lè yá púpọ̀ sí i nínú bọ́fà tí gbogbo pọ́ọ̀tì jọ ń lò. Ó máa ń ṣiṣẹ́ gidi, ṣùgbọ́n àwọn pọ́ọ̀tì yòókù ló ń yá a lọ́wọ́ wọn. Lórí àwọn 2960 àtijọ́, ìdàkejì ló ti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn: wọ́n tan `mls qos` kí nǹkan lè dára sí i, súwíìṣì sì pín bọ́fà pọ́ọ̀tì sí mẹ́rin lójú ẹsẹ̀, tó jẹ́ pé ìdá kan ṣoṣo ni détà gbogbo ẹ̀ka wá ń lò. Dídànù di ìlọ́po. Ọ̀nà gígábíìtì 10 ní tirẹ̀ yóò yanjú ọ̀rọ̀ ní orí pọ́ọ̀tì yìí, ṣùgbọ́n bí ilé iṣẹ́ tó ń ta ọ̀nà náà bá tún ní gígábíìtì 1 níwájú, bọ́fà tiwọn ni yóò wá máa kún, ẹ kò sì ní rí òǹkà tiwọn wò.

Èyíkéyìí tí ẹ bá ṣe, ẹ fi `clear counters` dá òǹkà padà sí òdo, kí ẹ sì wò ó lọ́jọ́ tí ọjà bá gbóná jù. Ẹ tún un wò nígbàkígbà tí wọ́n bá gbé sáfà kejì wá sórí súwíìṣì náà, nítorí ìjánu tí ẹ fi sí ti àkọ́kọ́ kò ká èkejì lọ́wọ́ kò, aago kan náà sì ni àwọn méjèèjì ń wò.