Lẹ́tà Ìbéèrè fún Àfikún Àsìkò Láti Parí Iṣẹ́ Kíníìkì: Ìlàlóye fún Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn Eyín

Ẹni tí lẹ́tà náà wà fún

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lára aláìsàn, tí iṣẹ́ náà kò sì ní parí kí ọjọ́ gbígba ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tó pé, ló ń kọ lẹ́tà yìí. Ẹni tí kò tíì rí aláìsàn tó máa tọ́jú kì í kọ ọ́. Kó lọ bá alábòójútó rẹ̀ kí wọ́n jọ wá aláìsàn. Alábòójútó ni wọ́n ń kọ lẹ́tà sí, nítorí òun ló ń fọwọ́ sí ìpele iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Òun yóò kọ èrò rẹ̀ sí i, yóò sì fi ránṣẹ́ sí olórí ẹ̀ka. Ọjọ́ ìdánwò kò sí ní ìkáwọ́ alábòójútó, nítorí náà kò yẹ kí lẹ́tà bẹ̀ ẹ́ pé kó sún un síwájú.

Ohun tó ń ba lẹ́tà jẹ́ jù

Ọ̀pọ̀ lẹ́tà ń bẹ̀bẹ̀ fún "àsìkò díẹ̀ sí i", wọ́n á sì dúró níbẹ̀. Alábòójútó kò lè mọ iye ọjọ́ tí "díẹ̀" jẹ́. Ohun tó fẹ́ rí ni iṣẹ́ tó kù, ìpele tí iṣẹ́ náà dé, ìgbà mélòó ni aláìsàn ṣì máa wá, àti ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ máa parí.

Eyín àtọwọ́dá fún ẹni tí kò ní eyín kankan mọ́ ló ń fa ìdádúró iṣẹ́ jù, nítorí kò ṣeé ṣe lọ́jọ́ kan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ máa tẹ ẹ̀dà ẹnu aláìsàn, láàbù á sì fi ṣe àwo tó bá ẹnu ẹni náà mu. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n máa fi àwo yìí tẹ ẹ̀dà tó péye. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n máa fi ìda wọn bí àgbọ̀n òkè àti ti ìsàlẹ̀ ṣe ń pàdé. Lọ́jọ́ kẹrin, aláìsàn máa dán eyín tí wọ́n tò sórí ìda wò. Ọjọ́ karùn-ún ni yóò gba eyín rẹ̀, yóò sì tún padà wá kí wọ́n wò bóyá ibì kan ń gún ẹran ìdí eyín. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyí, láàbù ní iṣẹ́ tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ti ṣe ìpele kẹta, tó sì ku ọ̀sẹ̀ 2 kí wọ́n gba ìwé. Bí láàbù bá ń lo ọ̀sẹ̀ 1 láti to eyín sórí ìda, tó tún ń lo ọ̀sẹ̀ 1 láti fi ohun líle rọ́pò ìda, ọ̀sẹ̀ 2 ti lọ kí aláìsàn tó gba eyín. Àyẹ̀wò ìkẹyìn gba ọ̀sẹ̀ 1 sí i. Ṣùgbọ́n bí eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ kò bá pàdé dáadáa lọ́jọ́ tí aláìsàn ń dán eyín wò, wọ́n gbọ́dọ̀ padà sí ìpele kẹta, torí pé lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n bá ti fi ohun líle rọ́pò ìda, àtúnṣe á nira. Nítorí náà, kó béèrè ọ̀sẹ̀ 2: ọ̀kan fún àyẹ̀wò, ọ̀kan fún àtúnṣe tó lè yọjú.

Bí ara lẹ́tà náà ṣe lè rí

"Ẹ̀yin Ọ̀gá mi, mo ń fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ béèrè fún ọ̀sẹ̀ 2 lẹ́yìn ọjọ́ gbígba ìwé. Eyín àtọwọ́dá òkè àti ìsàlẹ̀ kan ló kù fún mi; ẹ ti fọwọ́ sí ìpele kẹta. Ó ku kí aláìsàn dán eyín wò, kó gbà á, kó sì wá fún àyẹ̀wò. Mo ti bá aláìsàn àti láàbù dá ọjọ́ fún un. Nọ́ńbà káàdì aláìsàn àti ìwé ọjọ́ náà wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí."

Nọ́ńbà káàdì ni wọ́n ń kọ; orúkọ aláìsàn kò gbọ́dọ̀ sí nínú lẹ́tà.

Ìdí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀

Ìyanṣẹ́lódì, ìdádúró láàbù, àti aláìsàn tí kò wá jẹ́ ìdí tó lágbára bí ó bá wà nínú àkọsílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ eyín rẹ̀: egungun ibẹ̀ ṣì ń súnkì, eyín tí wọ́n bá sì yára ṣe fún un máa ń yọ̀ lẹ́nu.

Ìfọwọ́sí

Alábòójútó kì í fọwọ́ sí ìpele tí kò rí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má bẹ̀ ẹ́ pé kó fọwọ́ sí i kó tó rí i, nítorí aláìsàn ni ìyà rẹ̀ máa jẹ.

Ìgbà tí lẹ́tà gbọ́dọ̀ dé

Kí lẹ́tà wọlé ní kété tí ìṣirò bá ti fi hàn pé iṣẹ́ kò ní parí, kí ọjọ́ gbígba ìwé tó pé. Èyí tó bá dé lẹ́yìn náà ti bọ́ lọ́wọ́ alábòójútó, olórí ẹ̀ka nìkan ló lè gbé e yẹ̀wò.