Lẹ́tà Ìtọrọ Àyè fún Ìrìn-Àjò Ẹ̀kọ́: Ohun Tí Ọ̀gá Àgbà Ń Wá Nínú Rẹ̀

Iṣẹ́ kan wà tí kì í wọ́n nínú ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ girama: “Kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ rẹ, kí o tọrọ àyè fún kíláàsì rẹ láti lọ sí ìrìn-àjò ẹ̀kọ́.” Àdírẹ́sì méjì, déètì, ìkíni, àkọlé: ọ̀pọ̀ ọmọ ti mọ ìwọ̀nyí sórí. Àárín lẹ́tà ni máàkì ti ń bọ́. Wọ́n á kọ ìlà mẹ́ta pé inú àwọn yóò dùn bí wọ́n bá gba àwọn láyè, ó parí.

Bẹ́ẹ̀, bí ọmọ kan bá ṣubú níbi tí wọ́n lọ, tàbí tí ọkọ̀ takú sọ́nà, ọ̀gá àgbà ni òbí máa kọ́kọ́ wá bá. Bó ṣe ń ka lẹ́tà ló ń bi ara rẹ̀ pé: Níbo? Nígbà wo? Ta ló ń tẹ̀ lé wọn? Ta ló ń sanwó? Kí ni wọ́n fẹ́ lọ kọ́? Lẹ́tà tó yanjú ni èyí tó ti dáhùn kó tó bèèrè. Ẹ jẹ́ ká mú kíláàsì kan ní Ìbàdàn tó fẹ́ lọ sí Òkè Olúmọ.

Kíláàsì Karùn-ún A,
Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama ............,
Ìbàdàn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
27 Oṣù Kẹrin, 2026.

Ọ̀gá Àgbà,
Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama ............,
Ìbàdàn.

Nípasẹ̀ Olùkọ́ Kíláàsì.

Ọ̀gá wa,

ÌTỌRỌ ÀYÈ FÚN ÌRÌN-ÀJÒ Ẹ̀KỌ́ SÍ ÒKÈ OLÚMỌ, ABẸ́ÒKÚTA

Ní orúkọ kíláàsì karùn-ún A, mo ń kọ ìwé yìí láti tọrọ àyè kí a lè lọ sí Òkè Olúmọ ní Ọjọ́bọ̀, 21 oṣù Karùn-ún, 2026.

Ogun abẹ́lé ilẹ̀ Yorùbá là ń kọ́ nínú iṣẹ́ Ìtàn ní táàmù yìí. A kà á pé ní 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tí ogun lé kúrò nílé tẹ̀ lé Ṣódẹkẹ́ dé abẹ́ òkè náà. A fẹ́ fojú ara wa rí ihò àpáta tí wọ́n sá pamọ́ sí. Nígbà tí a bá dé, ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò kọ ojú-ewé méjì lórí ohun tó rí fún olùkọ́ Ìtàn.

Akẹ́kọ̀ọ́ 27 ni wá. Olùkọ́ Ìtàn àti olùkọ́ kíláàsì wa ti gbà láti bá wa lọ. A ń tọrọ bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú. A ó gbéra ní agogo méje ààbọ̀ àárọ̀, a ó sì padà dé kí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù. ₦6,500 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò san fún epo, owó ìwọlé àti oúnjẹ. Ẹni tí òbí rẹ̀ kò bá fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda kò ní bá wa lọ.

A ó dúpẹ́ bí a bá rí èsì yín gbà kí ọjọ́ kẹjọ oṣù Karùn-ún tó kọjá.

Tiyín ní tòótọ́,
(Ìbuwọ́lù)
Orúkọ akọ̀wé
Olórí Kíláàsì.

Ẹ kíyè sí ìlà “Nípasẹ̀ Olùkọ́ Kíláàsì”. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í fo olùkọ́ rẹ̀ dá kó lọ bá ọ̀gá àgbà. Olùkọ́ ni yóò kọ́kọ́ ka ìwé náà, tí yóò sì fọwọ́ sí i kó tó dé ọ́fíìsì.

Ẹ wo déètì náà. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láàárín ọjọ́ tí wọ́n kọ lẹ́tà àti ọjọ́ ìrìn-àjò. Àárín ìgbà yẹn ni ìwé ìyọ̀ǹda yóò délé, tí òbí yóò wá owó, tí awakọ̀ yóò sì yẹ bọ́ọ̀sì wò. Bí lẹ́tà bá dé ní Ọjọ́ Ajé fún ìrìn-àjò Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kan náà, ọ̀gá tó láàánú jù lọ pàápàá kò ní rí i ṣe.

Ohùn lẹ́tà náà ṣe pàtàkì. Ẹni tó kọ “A ti pinnu láti lọ” ń pàṣẹ fún ọ̀gá rẹ̀, ẹni tó sì ń kọ “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú wa” ń ṣagbe. “A ń tọrọ àyè” ló bá lẹ́tà àìgbagbẹ̀fẹ́ mu. Kíkí ìdílé ọ̀gá, àwàdà, àti “Èmi ni ọmọ yín ọ̀wọ́n” kò sí níbẹ̀. Lẹ́tà gbẹ̀fẹ́ ló ni wọ́n.

Nínú ìdánwò, ibi tí ẹ mọ̀ ni kí ẹ yàn. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé ẹ ó kúrò ní Ìbàdàn ní agogo mẹ́jọ àárọ̀, ẹ ó wo omi Ìkógòsì ní Èkìtì, ẹ ó sì padà dé ní agogo méjìlá ọ̀sán, ẹni tó ń máàkì á mọ̀ pé ẹ ò ṣírò ọ̀nà. Ẹni tí kò bá tíì rìn jìnnà rí, kó mú ibi tó wà nítòsí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀.